Bí ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò àfojúbù ṣe ń di fáìlì sọ́bútáítù

Ẹni tó bá ti jókòó ti fídíò, tó gbọ́ ọ, tó kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, tó sì fi ojú bu àkókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó kù ni kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yọ lójú fídíò nígbà tí ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kó sì kúrò kí òmíràn tó dé. Fáìlì `.srt` ló ń ṣe èyí. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, Notepad lè ṣí i, ẹnikẹ́ni sì lè fi ọwọ́ kọ ọ́. Bí ẹ ṣe máa ti orí àfojúbù dé àkókò tó péye ni ọ̀rọ̀ wà.

Fídíò ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde la máa lò. Gàrí Ìjẹ̀bú ló ń ṣe, láti orí pákí dé orí yíyan, fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló fi fóònù gbà á sílẹ̀, ẹlòmíràn ló gbọ́ ọ tó kọ ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ohun tó kọ nìyí:

```
0:12 Ẹ káàbọ̀ o. Pákí àná nìyí. A ti bó o, a ti
     fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ la máa fi rin ín báyìí.
0:25 Tí a bá rin ín tán, inú àpò la máa dà á sí,
     a máa wá fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí omi ara rẹ̀ lè jáde.
0:40 (ẹ̀rọ ń dún)
```

Ibi tí a ń lọ

Nínú fáìlì `.srt`, ọ̀rọ̀ tó ń yọ lójú fídíò lẹ́ẹ̀kan náà là ń pè ní ẹyọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí ìlà kan, ìlà àkókò lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà méjì lọ. Ìlà òfìfo kan ló ń ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìlà òfìfo sáàárín ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, torí áàpù á rò pé ẹyọ náà ti parí.

```
1
00:00:12,400 --> 00:00:15,000
Ẹ káàbọ̀ o. Pákí àná nìyí.
```

Wákàtí ló ṣáájú, ìṣẹ́jú tẹ̀lé e, sẹ́kọ́ǹdì tẹ̀lé ìyẹn, méjìméjì ni nọ́ńbà wọn. Kọ́mà ló kàn, kì í ṣe àmì ìdánudúró. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn kọ́mà jẹ́ ìdá ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdì. Ẹni tó fẹ́ kọ ìdajì sẹ́kọ́ǹdì gbọ́dọ̀ kọ `,500`. Bó bá kọ `,5` lásán, áàpù kan lè kà á sí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún, òmíràn lè fo ẹyọ náà pátápátá. Ọfà àárín jẹ́ dáàṣì méjì àti àmì `>`, pẹ̀lú àlàfo ní ọ̀tún àti òsì. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gbà kí ẹnikẹ́ni fi Word ṣe iṣẹ́ yìí: Word máa ń sọ `-->` di ọfà kan ṣoṣo tó rẹwà lójú, tí kò sí áàpù fídíò tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ yẹ àkókò náà wò níbi mẹ́ta

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wádìí irú àṣìṣe tó wà nínú àkókò tí wọ́n kọ. Ẹ ṣí fídíò náà, ẹ lọ síbi mẹ́ta: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, àti apá ìparí. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ mú gbólóhùn kan, kí ẹ wo iye tí aago fídíò ń sọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi wé iye tí ó wà nínú ìwé. Ìyàtọ̀ sẹ́kọ́ǹdì kan kò ní ìtumọ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé máa ń dá fídíò dúró lẹ́yìn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni aago fídíò kì í ka ìdá sẹ́kọ́ǹdì fún un. Ìyàtọ̀ tó bá ju sẹ́kọ́ǹdì méjì lọ ni kí ẹ tọpa rẹ̀.

Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ iye kan náà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnìkan ti fi orin tàbí àkọlé kún iwájú fídíò lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀wé, tàbí ó gé iwájú rẹ̀ kúrò. Iye kan náà lẹ máa fi kún gbogbo rẹ̀ tàbí kí ẹ yọ kúrò. Bí ó bá ń dàgbà, tó jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ bára mu, àárín yàtọ̀ díẹ̀, ìparí wá yàtọ̀ gan-an, ìyára fídíò ni wọ́n yí padà. Fídíò tí wọ́n mú yára ní ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún á ti fi bíi sẹ́kọ́ǹdì méjìlá ṣáájú ìwé yín ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Fífi iye kan kún un kò ní ran irú èyí lọ́wọ́, àfi kí ẹ fa gbogbo rẹ̀ gùn tàbí kí ẹ sún un kì. Nínú áàpù Subtitle Edit, `Point sync` ló ń ṣe é: ẹ sọ àkókò tó péye fún ẹyọ kan níwájú àti ẹyọ kan lẹ́yìn, á ṣírò ìyókù fúnra rẹ̀.

Irú kẹta ló wà nínú fídíò gàrí wa. Ìbẹ̀rẹ̀ bára mu. Ìṣẹ́jú karùn-ún náà bára mu. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ìwé pè ní 7:30, 7:21 ló wà nínú fídíò, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́sàn-án ti sọnù. A padà sí 6:00, ó bára mu. A lọ sí 6:40, mẹ́sàn-án ti sọnù níbẹ̀ náà. Bí a ṣe ń pín àárín báyìí la fi dé 6:20, níbi tí fóònù ìyá ti dún nígbà ìgbàsílẹ̀, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ti gé e kúrò lẹ́yìn tó ti fi fídíò àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ̀wé. Nítorí náà, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ni a yọ sẹ́kọ́ǹdì mẹ́sàn-án lára rẹ̀, a kò fọwọ́ kan tòkè. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan la yẹ̀ wò, à bá rò pé àṣìṣe tó ń dàgbà ni, à bá sún gbogbo rẹ̀ kì, ìṣẹ́jú mẹ́fà tó dára á sì bàjẹ́. Ibi àárín ló tú àṣírí.

Gígé ọ̀rọ̀ sí ẹyọ

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹun sábà máa ń fi ìlà kan sí lẹ́tà 42, ìlà méjì fún ẹyọ kan, kí ẹyọ kan má sì pẹ́ ju sẹ́kọ́ǹdì méje lọ lójú fídíò. Fún fóònù, èmi kì í jẹ́ kí ìlà kan ju 35 lọ, torí ojú fídíò ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó àtẹ́lẹwọ́.

Ibi tí ìyá náà ti mí ni kí ẹ gé e. Bí ẹ bá ní láti gé ìlà sí méjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó so mọ́ra wà pa pọ̀. "A máa wá fi òkúta tẹ̀ ẹ́" jẹ́ ìṣe kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi "fi" sí ìparí ìlà kìíní, tó wá gbé "òkúta tẹ̀ ẹ́" sí ìlà kejì, ti mú kí ojú òǹkàwé kọsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "tí", "kí", "ni" àti "ń": ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ létí ìlà. "Kí omi ara rẹ̀ lè jáde" gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí "kí" lórí ìlà tirẹ̀.

Ní ti èdè, ìyá yìí mọ̀ pé àwọn ará Èkó máa wò ó, Yorùbá àjùmọ̀lò ló ń sọ. Bó bá ṣe Ìjẹ̀bú ló ń sọ, Ìjẹ̀bú ni kí ẹ kọ. Ẹni tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun kan, tí ojú rẹ̀ ń ka òmíràn, kò ní í lè fọkàn sí ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ ka sílébù

Àwọn kan máa ń pín àkókò ní ìbámu pẹ̀lú iye lẹ́tà. Fún Yorùbá, sílébù ló yẹ kí ẹ kà. Ohùn wa ń lọ sílébù kan tẹ̀lé èkejì, gígùn wọn kì í sì yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn. Kíkà rẹ̀ rọrùn: fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan, "máa" jẹ́ méjì, "rin" jẹ́ ọ̀kan, "ń" tó dá dúró náà jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ wo apá tó bẹ̀rẹ̀ ní 0:12. "Ẹ káàbọ̀ o" jẹ́ 5, "Pákí àná nìyí" jẹ́ 6, "A ti bó o, a ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì" jẹ́ 12, "Ẹ̀rọ la máa fi rin ín báyìí" jẹ́ 11. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 34. Láti 0:12 sí 0:25 jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 13. Bí ìyá bá sọ̀rọ̀ láìdúró, sílébù méjì àti ààbọ̀ ló ń sọ ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfi bó bá ń pe àpèkọ fún ọmọ iléèwé. Nítorí náà, ó dákẹ́ níbì kan.

Láti mọ bó ti dákẹ́ tó, a wá ibi tó ti sọ gbólóhùn gígùn kan láìmí, a wọn ọ́n, a pín iye sílébù rẹ̀ pẹ̀lú iye sẹ́kọ́ǹdì. Ìyá yìí ń sọ bíi 4.2 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Sílébù 34 á gba bíi sẹ́kọ́ǹdì 8. Márùn-ún tó kù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Bí ẹ bá pín sẹ́kọ́ǹdì 13 dọ́gba fún ẹyọ mẹ́ta, ẹyọ kejì á ti yọ lójú fídíò nígbà tí ẹnu ìyá ṣì pa dé.

Nígbà tí a padà gbọ́ ọ, ó hàn pé lẹ́yìn "Pákí àná nìyí" ló dákẹ́, tó mú ẹyọ pákí kan sókè, tó yí i síwá sẹ́yìn fún kámẹ́rà kí wọ́n lè rí i pé ó funfun. Ìyẹn gba ju sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta lọ. Ìyókù ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà lẹ́yìn "báyìí", kó tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tó kàn.

Apá tó bẹ̀rẹ̀ ní 0:25 ní sílébù 35. Pẹ̀lú 4.2, sẹ́kọ́ǹdì mẹ́jọ lé díẹ̀ ni, ó ti ju méje lọ, kò lè jẹ́ ẹyọ kan. A gé e sí méjì níbi "sí": 16 níwájú, tó jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 3.8, àti 19 lẹ́yìn, tó jẹ́ 4.5. Ìṣirò yìí kò ní fún yín ní àkókò tó péye pátápátá, àmọ́ á gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ibi tó yẹ, kí etí lè parí iṣẹ́ láìpẹ́.

Etí ló ń parí rẹ̀

Ẹ lo áàpù tó ń ya àwòrán ohùn, bíi Subtitle Edit tàbí Audacity. Aago VLC ń ka sẹ́kọ́ǹdì lódindi, kò tó fún iṣẹ́ yìí. Nínú Subtitle Edit, bí ẹ bá ti gbé ẹyọ kan sójú, F11 ń fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síbi tí fídíò wà lọ́wọ́, F12 ń fi ìparí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹyọ gbọ́dọ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ ohùn mu. Bó bá fi díẹ̀ ṣáájú, ojú á fara dà á; bó bá pẹ́ lẹ́yìn, gbogbo ènìyàn ló máa mọ̀. Ìparí lè pẹ́ tó ìdajì sẹ́kọ́ǹdì lẹ́yìn ohùn, bí àyè bá wà. Bí ẹyọ tó kàn bá sún mọ́ ọn, ẹ fi bíi `,100` sílẹ̀ sáàárín wọn kí ojú lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Òkè àkọ́kọ́ nínú àwòrán ohùn kì í sábà jẹ́ ohùn ènìyàn. Nínú fídíò yìí, ọ̀bẹ tó bọ́ sínú abọ́ ló yọ sókè jù ní ìbẹ̀rẹ̀, "Ẹ" tí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Níbi tí ẹ̀rọ ìrinpákí bá sì ti ń ké, àwòrán ohùn ò wúlò mọ́, gbogbo rẹ̀ ti dọ́gba bí ògiri. Àwọn tó ń ṣe fídíò Ojúde Ọba mọ ìyà yìí dáadáa: lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ìlù àwọn regbẹ́regbẹ́ àti ìbọn àwọn ẹlẹ́ṣin bá jọ ń dún, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ máa wò. Ẹ dá fídíò dúró níbi tí ètè ti kọ́kọ́ ṣí, ẹ fi ibẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí etí ti ṣiṣẹ́, apá tí a ń ṣe rí báyìí:

```
1
00:00:12,400 --> 00:00:15,000
Ẹ káàbọ̀ o. Pákí àná nìyí.

2
00:00:18,200 --> 00:00:21,100
A ti bó o,
a ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

3
00:00:21,300 --> 00:00:24,000
Ẹ̀rọ la máa fi rin ín báyìí.

4
00:00:25,300 --> 00:00:29,100
Tí a bá rin ín tán,
inú àpò la máa dà á sí.

5
00:00:29,200 --> 00:00:33,700
A máa wá fi òkúta tẹ̀ ẹ́
kí omi ara rẹ̀ lè jáde.

6
00:00:39,500 --> 00:00:42,000
[Ẹ̀rọ ń dún]
```

Ẹ rí i pé láàárín ẹyọ kìíní àti èkejì, kò sí ohunkóhun lójú fídíò. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ má fa ẹyọ kìíní gùn láti fi dí àlàfo náà.

Fífi pamọ́, àti ẹ́ tó ń di nǹkan mìíràn

Nínú Notepad, ẹ lọ sí `Save as`, ẹ yan `All files`, ẹ kọ orúkọ pẹ̀lú `.srt`, kí ẹ sì rí i dájú pé `UTF-8` ló wà níwájú `Encoding`. Bí ẹ kò bá yan `All files`, ẹ lè bá `gari.srt.txt` níbẹ̀, áàpù fídíò sì lè má kà á sí.

Bí Yorùbá bá bàjẹ́, bó ṣe bàjẹ́ ló ń sọ ohun tó ṣe é. Bí ẹ bá rí `?` níbi tó yẹ kí ẹ̀ tàbí ṣ wà, `ANSI` lẹ fi pa á mọ́, àmì náà sì ti kú. Kò sí bí ẹ ṣe lè gbà á padà nínú fáìlì yẹn, ẹ padà sínú ìwé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí `áº¹` dípò ẹ, tàbí `á¹£` dípò ṣ, fáìlì yín dára. Áàpù ló ń kà á ní ọ̀nà tí kò yẹ. Nínú VLC, ẹ lọ sí `Preferences`, sí `Subtitles / OSD`, kí ẹ yan `UTF-8` fún `Default encoding`.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ èdè mìíràn kì í bá pàdé. Kọ̀ǹpútà ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ, àmọ́ kò ní ọ̀kan fún ẹ́. Ẹ àti ohùn òkè orí rẹ̀ jẹ́ àmì méjì tó jókòó pọ̀. Nítorí náà, áàpù kan lè ka ìlà lẹ́tà 38 sí 45, kó máa kígbe pé ó gùn jù, tàbí pé òǹkàwé kò ní í lè bá a. Ẹ fi ojú ara yín kà á kí ẹ tó gé ìlà tó dára dànù. Lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kì fáìlì bọ̀ pẹ̀lú fílásì, ohùn náà lè yà kúrò lórí fáwẹ̀lì rẹ̀ tàbí kó di àpótí kékeré. Lẹ́tà tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n yẹn ló fà á, ohunkóhun tí ẹ bá ṣe nínú `.srt` kò lè tún un ṣe.

Wíwò níkẹyìn

Ẹ fún fídíò àti fáìlì ní orúkọ kan náà, `gari.mp4` àti `gari.srt`, nínú fódà kan. VLC á gbé e jáde fúnra rẹ̀. Ẹ tún padà síbi mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ sì fi ẹyọ tó tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti gé fóònù kúrò kún un, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ìyọkúrò máa ń farapamọ́ sí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣáájú ohùn díẹ̀, ẹ máa tẹ `H` títí ọ̀rọ̀ á fi bá ẹnu mu. Bó bá ń pẹ́ lẹ́yìn, `G` ni. Títẹ̀ kan jẹ́ ìdá àádọ́ta nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ǹdì, VLC sì máa ń kọ àpapọ̀ rẹ̀ sójú fídíò. Kò yí fáìlì yín padà o, ìwọ̀n ló ń bá yín gbà. Ẹ mú nọ́ńbà tó kọ síbẹ̀, ẹ ṣí fáìlì nínú Subtitle Edit, ẹ fi nọ́ńbà náà sínú `Adjust all times`, kí ẹ sì fi pamọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ojúlé ayélujára ni fídíò náà ń lọ, tí wọ́n ní `.vtt` làwọn fẹ́, iṣẹ́ náà ti tán: ẹ kọ `WEBVTT` sórí ìlà àkọ́kọ́, ẹ fi ìlà òfìfo kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ sọ kọ́mà inú ìlà àkókò di àmì ìdánudúró. Inú ìlà àkókò nìkan o. Bí ẹ bá ní kí Notepad pààrọ̀ gbogbo kọ́mà, "Tí a bá rin ín tán," náà á bá a lọ.